Oògùn Orúnkún Onítáìsì

Ẹnu Ìyá Kẹ́míìsì kò ní ilẹ̀kùn. Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ní orí ń fọ́ òun, yóò kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá orí náà ló ń fọ́ ni, tàbí ọpọlọ inú rẹ̀ ló fẹ́ kó jáde lọ wá ilé mìíràn gbé. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gba oògùn, wọ́n á lọ. Ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ nìyí tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró tó ní káńtà onígíláàsì, fáànù kan tó ń ké bí ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ nírù, àti àga onígi kan fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò bá gbé wọn mọ́.

Kò lọ sí yunifásítì. Ọmọ iṣẹ́ apòògùn kan ló jẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi nu káńtà fún ọkùnrin náà, tó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ohun tó rí ló mọ̀. Ohun tí kò rí, ó fi ẹnu dí i. Ìwé àṣẹ tó gbé kọ́ sára ògiri ní kó máa ta oògùn ikọ́, báńdéèjì àti irú wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gun àga lọ ka lẹ́tà wínníwínní?

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni àpò ọ̀rá kékeré kan tó ń dì fúnra rẹ̀. Dìde-Kó-O-Máa-Rìn ló pè é. Diklofẹ́nàkì méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún àárọ̀, ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́. Ibuprofẹ́ẹ̀nì kan wà níbẹ̀ fún ọ̀sán, "kí ìrora má baà rò pé a ti gbàgbé òun." Hóró fítámì aláwọ̀ yẹ́lò kan tún wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó jẹ́ kí àpò náà wuni lójú lọ. Kò kọ orúkọ kankan sára rẹ̀. Awakọ̀ tí ọrùn rẹ̀ ti gan, aránṣọ tí ìka rẹ̀ ti wú, ẹni tí eyín ń ro, gbogbo wọn ló ń gbà á, púpọ̀ nínú wọn sì dìde lóòótọ́, wọ́n rìn. Ìyẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Oògùn tí kò bá ṣiṣẹ́, èèyàn á jù ú nù. Èyí ń ṣiṣẹ́.

Oníbàárà tó dúró ṣinṣin jù lọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Onítáìsì ni, ó ń lẹ àwo dídán sí ilẹ̀ ilé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó sì ti fi ogójì ọdún kúnlẹ̀ sínú ilé onílé. Ó máa ń sọ pé òun ti kúnlẹ̀ ju gbogbo pásítọ̀ àti ààfáà lọ, àti pé bó bá jẹ́ orúnkún ni wọ́n fi ń wọ ọ̀run, kí wọ́n yáa ṣí gẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ de òun. Ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀hún ti kọ̀. Bó bá fẹ́ dìde, a ó gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ èèpo ẹ̀pà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti dé pẹ̀lú orúnkún ẹlẹ́pà yín," Ìyá Kẹ́míìsì á wí.

"Fún mi ní oògùn mi, kó o pa ẹnu dé. Orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe etí, ṣùgbọ́n o ti fẹ́ sọ ọ́ di méjì."

Ọ̀sẹ̀ kan ló kọ́kọ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di mẹ́rin. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Onítáìsì fi máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà omi tútù lásán ló fi ń gbé hóró àárọ̀ mì, láìjẹ nǹkan kan. Bí iṣẹ́ bá le, ó máa ń gbé méjì lẹ́ẹ̀kan. Oògùn mìíràn sì wà tó ń lò: ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà nítòsí ló sì ń fún un ní hóró kan fún ìyẹn. Ní oṣù kejì tó ti ń lo Dìde-Kó-O-Máa-Rìn, ẹ̀jẹ̀ ríru náà gòkè. Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n sì fi hóró kejì kún un, èyí tó ń mú èèyàn tọ̀. Ẹnikẹ́ni kò béèrè nípa àpò ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà kò sì sọ. Lójú tirẹ̀, àpò ọ̀rá kì í ṣe oògùn. Nǹkan tí àbúrò òun ń fún òun ni.

Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní àyà ń ta òun lábẹ́ igbá àyà. Ìyá Kẹ́míìsì fún un ní oògùn funfun tí wọ́n ń jẹ bí ṣọ́ọ̀kì, àyà náà yéé ta. Ó ní ó ń rẹ òun. Ìyá Kẹ́míìsì wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó funfun díẹ̀, ó sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, hóró pupa kan tí irin wà nínú rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní òun kàn ń sanra láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè ni. Ìtọ̀ rẹ̀ dín kù. Ó ní àgbà ti dé, pọ́ǹpù kì í fi gbogbo ayé jẹ́ tuntun.

Ní ọjọ́ Ajé kan ó wọlé, ó wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà.

"Àbúrò, ìgbẹ́ mi ti dúdú."

"Ẹ kú oríire. Ṣé pupa lẹ fẹ́ ni?"

"Mo ní ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n ń da sójú títì. Mo da omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lọ."

Ìyá Kẹ́míìsì ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó rántí pé apòògùn tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ nǹkan kan rí nípa ìgbẹ́ dúdú. Ṣùgbọ́n ó tún rántí ohun kejì tí ọkùnrin náà sọ, èyí sì dùn mọ́ ọn ju ti àkọ́kọ́ lọ: oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo fún yín ni," ó wí. "Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ lọ jókòó jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ yéé yọjú wo ohun tẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gba àpò tuntun, ó lọ.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù dáadáa, fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin kan ló ń jáde níbẹ̀, ohùn náà sì ń bínú.

"Ṣé ìwọ ni Àbúrò Olóògùn? Orúkọ tí mo rí nínú fóònù nìyẹn. Bàbá tó ń lẹ táìsì fún mi ti bà mí nílé jẹ́! Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, funfun báláú, èmi tí mo ni ilé kò tíì jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan, ó lọ da ọ̀dà sí i! Mo ń pariwo mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá jókòó sílẹ̀, ló bá sùn. Mo ní kó dìde, kò dìde. Ara rẹ̀ tutù. Jọ̀ọ́, máa bọ̀."

Ìyá Kẹ́míìsì mọ ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò ti ṣọ́ọ̀bù. Ó já àpò ìfàlọ́wọ́ rẹ̀ gbà lórí ìṣó, ó sáré. Láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni kò ti sáré mọ́, àwọn tó rí i lójú ọ̀nà sì rò pé olè ló ń lé.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé ìwẹ̀ tó ń lẹ táìsì sí wà. Ìdajì ilẹ̀ ti ní táìsì, ó tẹ́ rẹrẹ, bí ojú omi. Ìdajì kejì jẹ́ sìmẹ́ńtì tútù. Àárín méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, òógùn tútù ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀. Obìnrin onílé náà, ẹni sísanra kan tí gèlè tó wé sùn ṣì wà lórí rẹ̀, ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ẹ. Ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀, ẹ̀rù ló kù.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé Ìyá Kẹ́míìsì. Kì í ṣe òórùn ìgbẹ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ó wúwo, ó dà bí irin àti ẹran tó ti bàjẹ́ tí wọ́n pò pọ̀. Ó yọjú wo inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ funfun náà. Ohun tó wà níbẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí gọ́ọ̀mù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe báyìí. Ó ti rí ti oògùn ẹ̀jẹ̀ lára ara rẹ̀ nígbà tó lóyún: dúdú ni, ó fẹ́ jọ ewé, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀, kì í sì í rùn báyìí. Ẹ̀jẹ̀ lèyí. Ẹ̀jẹ̀ tó ti inú wá, tó rin ìrìn àjò gbogbo ìfun kó tó jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, ó kúnlẹ̀ sínú sìmẹ́ńtì tútù.

Onítáìsì la ojú kan. "Kúrò níbẹ̀," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ibẹ̀ gún ni."

Ọkọ̀ obìnrin onílé náà ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Onílé tẹ́ aṣọ ìnura mẹ́rin sórí àga ẹ̀yìn kó tó jẹ́ kó jókòó, kò sẹ́ni tó bá a wí.

Ìyàwó Onítáìsì ti dé ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, olùtọ́jú ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan. Ogún ọdún ó lé ló ti fi ń fara da ẹnu Ìyá Kẹ́míìsì. Dókítà tó jáde sí wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí bàtà rẹ̀ ń ké pìpì lórí ilẹ̀. Ó ti rí ohun tó yẹ kó rí: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, ọkàn ń sáré, ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú ara rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, oògùn wo ni bàbá ń lò?"

Ìyàwó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjèèjì jáde nínú àpò. "Èyí nìkan ni, dókítà. Kò lo nǹkan mìíràn."

"Oògùn ìrora ńkọ́? Fún orúnkún, fún ẹ̀yìn? Kódà èyí tí wọ́n ń rà lójú títì?"

"Rárá. Ọkọ mi kì í lo oògùn ojú títì."

Ìyá Kẹ́míìsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, sìmẹ́ńtì ti ń gbẹ lórí orúnkún rẹ̀. Ó mọ̀ pé nínú àpò ìfàlọ́wọ́ òun, lábẹ́ ìwé orin àti kọ́kọ́rọ́, Dìde-Kó-O-Máa-Rìn mẹ́ta wà níbẹ̀ tó fẹ́ mú lọ fún ẹnì kan. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n òun kò ní í sọ. Yóò kú kó tó sọ, bóyá ibi tí wọ́n ń lọ gan-an nìyẹn. Ẹnu tí kò ní ilẹ̀kùn láti ọdún mẹ́tàlélógún, ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sí i.

Dókítà ti yí padà, ó fẹ́ lọ.

"Ó ń lò ó," Ìyá Kẹ́míìsì wí.

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Oṣù mẹ́rin. Èmi ni mo ń fún un." Ó yọ àpò ọ̀rá kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ dókítà bí ẹni tó ń jọ̀wọ́ ohun tó jí. "Funfun méjì yẹn, diklofẹ́nàkì ni, mílígíráàmù àádọ́ta-àádọ́ta. Pupa yẹn, ibuprofẹ́ẹ̀nì, irinwó. Yẹ́lò yẹn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ojoojúmọ́. Inú òfìfo ló fi ń lò ó láàárọ̀. Ìgbà mìíràn á sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé ìgbẹ́ òun dúdú. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ni."

Ó ń retí igbe. Dókítà kò ké. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, ó béèrè bóyá ó ní ọgbẹ́ inú rí, bóyá ó ń lo ásípírìn tàbí oògùn tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di ṣíṣàn, bóyá ó ń mutí. Bí Ìyá Kẹ́míìsì ti ń dáhùn, ó rí i pé ìbéèrè wọ̀nyí kò ṣòro rárá. Òun ìbá ti bi ẹ̀gbọ́n òun lórí àga onígi láàárín ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí dókítà parí, ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ó ti dín wàhálà wa kù," ó sì sáré wọlé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó oògùn méjèèjì padà sínú àpò. Ó dìde, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà ní òdìkejì. Ìyá Kẹ́míìsì ìbá fẹ́ kó gbá òun létí.

Wọ́n fa páíǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin sí Onítáìsì lára. Wọ́n gbé oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù gba iṣan rẹ̀, wọ́n sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ méjèèjì dúró ná. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí gba ọ̀fun rẹ̀ lọ sínú. Ọgbẹ́ méjì ni wọ́n bá nínú àpòlúkù rẹ̀, ọ̀kan sì ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fi nǹkan kékeré bí èyí tí wọ́n fi ń há aṣọ sórí okùn pa á lẹ́nu dé. Ẹ̀jẹ̀ dúró. Àmọ́ àyẹ̀wò fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀: ìdọ̀tí tó yẹ kó máa sẹ́ jáde ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, ìtọ̀ tó sì tọ̀ láti àná kò kún ife tíì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ojú Onítáìsì ti là dáadáa. Dókítà wá bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Nǹkan kan wà tí ara máa ń ṣe," ó wí, "òun ló ń jẹ́ kí orúnkún wú, kó sì ro. Iṣẹ́ irú oògùn yìí ni kó dá a dúró. Ṣùgbọ́n irú nǹkan yẹn kan náà ló ń dáàbò bo awọ inú kí omi kíkan má baà jẹ ẹ́. Òun náà ló ń jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín ṣí sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lé e kúrò ní orúnkún, ẹ ti lé e kúrò níbi gbogbo."

"Ìyẹn ni pé aláriwo tí mo lé kúrò ládùúgbò," Ìyá Kẹ́míìsì wí, "òun náà ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ."

"Òun ni, mà. Ẹ tún lé e nígbà méjì, nítorí mọ̀lẹ́bí kan náà ni diklofẹ́nàkì àti ibuprofẹ́ẹ̀nì. Èèyàn kì í lò wọ́n pọ̀. Ìrora kò ní í dín kù sí i, ewu nìkan ló ń pọ̀ sí i."

"Kí ló dé tí inú kò fi dùn mí gidigidi?" Onítáìsì béèrè. "Bó bá dùn mí, mi ò bá ti pariwo."

"Oògùn ìrora lẹ ń lò, bàbá. Ó pa agogo lẹ́nu mọ́ kí iná tó jó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ìgbẹ́ dúdú tàbí kí wọ́n dákú ni àmì àkọ́kọ́."

Onítáìsì ronú. "Bí wọ́n bá wá fún mi ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ ní ìdí ńkọ́? Ìdí kò mọ inú."

Nọ́ọ̀sì tó ń yí omi padà fi ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. "Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà," dókítà wí. "Ẹ̀jẹ̀ mọ ìdí, ó sì mọ inú." Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí. Oògùn yìí gan-an, ó wí, máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru gòkè. Bóyá òun ló mú kí wọ́n fi hóró kejì kún ti bàbá. Hóró méjì tí ilé ìwòsàn fún un yìí dára, ṣùgbọ́n bí diklofẹ́nàkì bá wá di ẹ̀kẹta wọn, kíndìnrín kò ní ibi tó máa sá sí. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń lo oògùn méjèèjì yẹn, kò yẹ kó sún mọ́ ọn rárá láìjẹ́ pé dókítà ń ṣọ́ ọ.

"Ṣé kíndìnrín yóò padà?" ìyàwó béèrè.

"Yóò padà díẹ̀. A ò tíì mọ bí díẹ̀ náà ṣe máa pọ̀ tó."

Nígbà tí dókítà lọ, ìyàwó kọjú sí Ìyá Kẹ́míìsì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́bọ̀.

"Àǹtí, ogún ọdún ni mo fi ń bá yín rẹ́rìn-ín," ó wí, ohùn rẹ̀ kò gòkè. "Gbogbo nǹkan ni ẹ̀fẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọkọ mi ní ìgbẹ́ òun dúdú, ẹ fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ máa lọ ná. Ẹ lọ fún mi ní àyè díẹ̀."

"Ìyàwó, fi í sílẹ̀," Onítáìsì wí. "Èmi ni mo ní kó máa bù ú wá."

"Ẹ̀yin, ẹ dákẹ́. Ẹ ò ní ẹ̀jẹ̀ tó tẹ́ ẹ máa fi jiyàn."

Ìyá Kẹ́míìsì lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí láti ọjọ́bọ̀, aládùúgbò kan ti bá a fi àga dí i. Ó gbé agolo ńlá tó ń kó Dìde-Kó-O-Máa-Rìn sí, àpò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà níbẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ láti tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ti ń tú u ló ń rántí ẹni tó ń gbà á: ìyá àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Alápatà tí ọgbẹ́ inú ti gbé e lọ sílé ìwòsàn rí. Olùkọ́ kan tí èémí máa ń há ní àyà, tó sì sọ fún un nígbà kan pé mímí òun tún burú sí i nígbà tóun lo oògùn náà, tí òun sì dá a lóhùn pé kó yéé fi ikọ́ ṣe yàngà. Ó kó gbogbo hóró náà sínú ike kan, ó gbé e lọ fún apòògùn tó wà ní òpópónà ńlá pé kó bá òun jó o nù. Ó tún mú ìwé àjákọ kan dání. Ó ní kó sọ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lò ó. Apòògùn náà, ọkùnrin kan tó kéré sí i ní ogún ọdún, sọ ọ́ fún wákàtí kan àbọ̀, kò sì bú u.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ tó bu ìyì èèyàn kù jù lọ láyé nìyẹn, kí èèyàn máa kan ilẹ̀kùn béèrè àwọ̀ ìgbẹ́ ọmọlúàbí. Alápatà lé e jáde. Ìyá àgbà onítọ̀ ṣúgà fi orin dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí èémí ń há ní àyà fà á wọlé, ó dì í mú, ó ní, "Mo sọ fún ọ!" bí ìgbà méje, lẹ́yìn náà ló wá fún un ní omi mu.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni Onítáìsì lò kí wọ́n tó jẹ́ kó padà sílé. Kíndìnrín rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò padà tán. Ìdajì àti díẹ̀, dókítà wí, ó sì gbọ́dọ̀ máa wá fún àyẹ̀wò lóṣooṣù. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan irú oògùn yẹn mọ́ láyé, yálà hóró tàbí abẹ́rẹ́, ní orúkọ èyíkéyìí tó bá jẹ́. Parasitamọ́ọ̀lù ló kù fún un, méjì lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn ń mú un gbé ẹsẹ̀ sókè sódò lórí àga. Ó ní ó ń ṣe òun bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ẹṣin àgbà ní ijó.

Parasitamọ́ọ̀lù kò ṣe bíi ti àpò ọ̀rá. Ó sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò, Ìyá Kẹ́míìsì kò sì parọ́ fún un. Orúnkún ń dùn ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní kí àbúrò òun bá òun wá ẹyọ kan ṣoṣo, ẹyọ kan kò lè pa ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "bẹ́ ẹ bá fẹ́ kú, ẹ lọ wá ẹlòmíràn. Mo ti pa yín lẹ́ẹ̀kan, mi ò ṣe é dáadáa, mi ò tún dán an wò mọ́."

Onítáìsì wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi. Kò béèrè mọ́. Kò lè kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ náà. Ó ń jókòó sórí àpótí báyìí, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí táìsì tí àwọn onítáìsì mìíràn lẹ̀, ó ń bú wọn. Inú rẹ̀ kì í dùn sí i ní gbogbo ìgbà. Ìgbà mìíràn wà tí kì í sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, èrò dín kù. Aboyún kan wá, oyún oṣù méje, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ní wọ́n ní nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń mú èèyàn dìde. Ìyá Kẹ́míìsì ní kò sí, àti pé bó bá tilẹ̀ wà, kíndìnrín ọmọ inú ló máa kọ́kọ́ bá jà, kó lọ rí agbẹ̀bí rẹ̀. Aboyún náà kẹ́gàn rẹ̀ lọ títí dé igun títì. Awakọ̀ tí ọrùn rẹ̀ gan ní obìnrin yìí ti di tíṣà, ẹni tó bá wá ra oògùn, ìdánwò ló ń ṣe fún un.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ ilé ìwòsàn, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ káalẹ́" nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọn agbòjò rẹ̀, ó dúró níwájú káńtà.

"Èjìká ló ń dùn mí, Àǹtí. Ìwé ni mo gbé. Kí ni mo lè lò?"

Ọwọ́ Ìyá Kẹ́míìsì ti ń lọ sókè sí pẹpẹ, ó dá a padà. Ó tọ́ka sí àga onígi.

"Ìyàwó wa, ẹ jókòó ná. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Rárá."

"Ọgbẹ́ inú ńkọ́, ẹ ní i rí? Ìgbẹ́ yín, àwọ̀ wo ló ní?"

Òjò ń lu páànù. Ìyàwó pa agbòjò dé, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì jókòó.

"Ẹ mú ìwé àjákọ yín jáde," ó wí. "Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ má baà gbàgbé."